Bí A Ṣe Ń Gé Ìwé Ìlò Jẹnẹrétọ̀ Kúrú Láì Gé Òṣùwọ̀n àti Ìkìlọ̀ Dànù

Ìwé ìlò tó ní ojú ewé 40 wà nínú páálí jẹnẹrétọ̀. Kò sẹ́ni tó ń kà á. Ẹnì kan nínú ilé wá fi ọgbọ́n kọ ìgbésẹ̀ mẹ́fà sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó ṣe ṣókí, ó sì dùn-ún kà. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, ohun tó bá níbẹ̀ kò ju "Da ọ́ìlì tuntun sí i" lọ. Èló? Irú wo? Ìwé ara ògiri kò sọ. Ó da odidi lítà kan sínú ẹ́ńjìnnì tí kò gbà ju lítà 0.6 lọ, nígbà tí wọ́n tan án, èéfín bo gbogbo àgbàlá.

Ẹni tó gé ìwé náà kúrú kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí wọ́n ṣe ń to ìwé ìlò ló fa wàhálà. Bí a ṣe ń tú ọ́ìlì lè wà lójú ewé 22, kí iye ọ́ìlì wà nínú àtẹ lójú ewé 37, kí ìkìlọ̀ nípa èéfín tó ń pani sì wà lójú ewé 3, níbi tí ojú ti máa ń fò kọjá. Ẹni tó bá gé ojú ewé 22 nìkan kúrú ti sọ méjì tó kù nù kó tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí a tó dín ọ̀rọ̀ kù, a ní láti kọ́kọ́ kó ohun tó fọ́n ká wá sójú kan.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: pípààrọ̀ ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo bẹntiróòlù, irú èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ dá wà lọ́tọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, tí a kì í po mọ́ epo. Àwọn iye tí mo lò jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì tó tó bẹ́ẹ̀, ojú ewé tí mo sì dárúkọ jẹ́ ti àpẹẹrẹ. Bí ìwé tiyín bá sọ iye mìíràn, tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé ìlò tó bá ẹ̀rọ yín mu gan-an. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ, kí ẹ rí i pé òun náà ló wà níwájú ìwé.
- Bírò àwọ̀ mẹ́ta: dúdú, búlúù, pupa.
- Ìwé àjákọ kan fún àkọsílẹ̀.
- Jẹnẹrétọ̀ náà fúnra rẹ̀, nítòsí. Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí lórí àga nínú pálọ̀.
- Ẹnì kan tí kò tíì pààrọ̀ ọ́ìlì rí. Ẹ máa nílò rẹ̀ níkẹyìn.

Ìpele 1: Ẹ yan iṣẹ́ kan ṣoṣo

Ìwé ìlò kan ń sọ̀rọ̀ nípa títan ẹ̀rọ, dída epo sí i, pípa á, pípààrọ̀ ọ́ìlì, fífọ fítà afẹ́fẹ́ àti títọ́jú ẹ̀rọ tí a kò ní lò fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má ṣe gé gbogbo wọn sínú ìwé kan. Ìwé kan fún iṣẹ́ kan ni. Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì ní ọwọ́ tó dọ̀tí, kò ráyè máa wá ibi tí tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* "Ìtọ́jú jẹnẹrétọ̀" kì í ṣe iṣẹ́ kan. Bí ẹ bá rí i pé ìgbésẹ̀ yín ń kọjá 15, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ki iṣẹ́ méjì bọ inú ìwé kan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ṣé ẹ lè sọ ìgbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí? Tiwa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a gbé ẹ̀rọ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó parí nígbà tí ọ́ìlì tuntun dé àmì òkè tí a sì ti fọ ọwọ́.

Ìpele 2: Ẹ fa ìlà, kí ẹ sì ṣe àkọsílẹ̀ iye

Ẹ ka gbogbo ìwé ìlò náà tán lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú iṣẹ́ yìí nìkan lọ́kàn. Ẹ fi bírò dúdú fa ìlà sábẹ́ ohun tí ọwọ́ ń ṣe, búlúù sábẹ́ iye àti òṣùwọ̀n, pupa sábẹ́ ìkìlọ̀. Bí ojú ewé tí ẹ ń kà bá ní kí ẹ lọ wo ibòmíràn, ẹ lọ wò ó lójú ẹsẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá pàdé nìyí:

"Pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́ tàbí wákàtí 20 àkọ́kọ́ tí a fi lo ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà tàbí wákàtí 100, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Tú ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó lè dà jáde tán kíákíá. Yọ ìdérí ojú ọ́ìlì, lẹ́yìn náà bóòtù ìsàlẹ̀ pẹ̀lú wọ́ṣà rẹ̀. Dá bóòtù padà pẹ̀lú wọ́ṣà tuntun kí o sì fún un. Da ọ́ìlì tí a là sílẹ̀ kún dé àmì òkè. Wo ojú ewé 10 àti 37. Fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí o bá fọwọ́ kan ọ́ìlì àtijọ́."

Láti inú èyí àti àwọn ojú ewé tó tọ́ka sí, àkọsílẹ̀ mi nìyí:

- Wákàtí 20 tàbí oṣù 1: ìgbà àkọ́kọ́ nìkan, èyí tó bá kọ́kọ́ pé.
- Wákàtí 100 tàbí oṣù 6: gbogbo ìgbà lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó bá kọ́kọ́ pé.
- Lítà 0.6: iye ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì gbà (ojú ewé 37).
- SAE 10W-30: irú ọ́ìlì (ojú ewé 10).
- Wọ́ṣà tuntun 1.
- Àmì òkè lára géèjì: ibi tí ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dúró sí.
- Lọ́ wọ́ọ́rọ́: ipò tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà nígbà tí a bá ń tú ọ́ìlì.
- Ilẹ̀ títẹ́jú: ipò tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà.
- A kì í lọ́ géèjì wọlé nígbà tí a bá ń wọn ọ́ìlì (ojú ewé 10).

Ẹ kíyè sí i pé mẹ́rin tó kẹ́yìn kò ní nọ́ńbà, síbẹ̀ òṣùwọ̀n ni wọ́n. Bí ẹ̀rọ bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ́ìlì á rọ́ síbẹ̀, géèjì á sì purọ́. Bí a bá lọ́ géèjì wọlé dé ìdí lára ẹ́ńjìnnì tó ní kí a kàn tì í bọ̀ ọ́ ni, ó máa wọlẹ̀ jù, ọ́ìlì á gùn ún ju bó ṣe yẹ, ẹ máa rò pé ó kún nígbà tí kò kún. Irú gbólóhùn báyìí ni àwọn agékúrú máa ń kọ́kọ́ yọ, nítorí ó rí bí àlàyé lásán.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Wọ́n ń já majẹ̀mu kúrò lára iye. "Wákàtí 20" di ẹyọ kan, "àkọ́kọ́" ṣubú. Wọ́n kọ "oṣù 6" sílẹ̀, "èyí tó bá kọ́kọ́ pé" di àwátì. Irú èyí náà wà nínú ìwé títan ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ní agbára méjì tí wọ́n kọ sára wọn, èyí tí ó lè gbé títí àti èyí tí ó ga jù lọ, àwọn ìwé ìlò kan sì sọ pé kí a má ṣe lo èyí tó ga jù lọ kọjá ìṣẹ́jú 30. Ẹni tó bá kọ agbára tó ga jù lọ láìkọ ìṣẹ́jú 30 ti sọ ohun tó yàtọ̀ sí tìwé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gba ojú ewé yín kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, nọ́ńbà nìkan ni kí ẹ máa wá. Gbogbo nọ́ńbà tó kan iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀, pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀, ojú ewé rẹ̀ àti majẹ̀mu rẹ̀.

Ìpele 3: Ẹ kọ ìgbésẹ̀

Ìgbésẹ̀ kan, ohun kan tí ọwọ́ ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni kó ṣáájú: yọ, tú, da, fún, nù. Bí "kí o sì" bá wà nínú ìgbésẹ̀ kan, ẹ wò ó bóyá méjì ni. Bí nǹkan kan bá wà tí a kì í ṣe àyàfi bí nǹkan mìíràn bá ṣẹlẹ̀, "Bí" ni kó ṣáájú. "Bí ọ́ìlì kò bá tíì dé àmì òkè, fi díẹ̀ kún un" sàn ju kí ẹni náà ti fi kún un tán kó tó ka apá tó ní "bí".

Kí iye wà nínú ìgbésẹ̀ tí wọ́n ti máa lò ó. Ẹ má kọ "ìwọ̀n tó yẹ", ẹ má sì kọ "wo ìsàlẹ̀". Ọ́ìlì tí wọ́n ń tà nínú ike lítà kan ló wọ́pọ̀ lọ́jà, nítorí náà "lítà 0.6" nìkan kò tó ẹni tí kò ní ohun ìwọ̀n. Ẹ lè fi ìtumọ̀ tó ṣeé wọ̀n sí i: lítà 0.6 jẹ́ sẹ́ńtílítà 60, ó ju ìdajì ike lítà kan lọ díẹ̀. Àmọ́ iye ti ìwé ni kó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ìtumọ̀ yín á tẹ̀ lé e. Ẹni tó kọ "ìdajì ike" nìkan ti sọ iye dòfo lọ́wọ́ ẹni tó ra ike lítà mẹ́rin.

Ọ̀fìn tó jìn jù nínú ìpele yìí ni kí a da òfin méjì tó jọra pọ̀. Nínú ìwé ìlò kan náà ẹ máa rí i pé a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù ká tó da bẹntiróòlù sí i, ẹ ó sì tún rí i pé kí a tú ọ́ìlì nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Agékúrú tó ń kánjú á kọ "Jẹ́ kí ẹ̀rọ tutù kí o tó ṣe ohunkóhun." Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n. Àmọ́ ìdí méjèèjì yàtọ̀. Bẹntiróòlù lè gbiná bí ó bá kan irin gbígbóná, ìdí nìyẹn tí a fi ń dúró. Ọ́ìlì tó bá ti tutù ní tirẹ̀ máa ń ki, kì í dà tán, ìdọ̀tí á sì kù nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí òfin méjì bá fẹ́ jọra, ẹ wá ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó so wọ́n pọ̀.

Ẹ má sì dá iye sílẹ̀ níbi tí ìwé kò ti sọ iye. Bí ìwé bá ní "lọ́ wọ́ọ́rọ́" láìsọ ìṣẹ́jú, ẹ má kọ "ìṣẹ́jú 5" nítorí pé ó wù yín. Lọ́la ẹlòmíràn á gbà pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló sọ ọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ dúró níwájú ẹ̀rọ, kí ẹ máa nawọ́ sí ohun tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan dárúkọ. Bí ọwọ́ yín bá ń wá ibi tó máa tọ́ka sí, orúkọ tí ẹ lò kò yé. "Bóòtù ìsàlẹ̀" kò tó bí bóòtù méjì bá wà nísàlẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ tó wà.

Ìpele 4: Ẹ fi ìkìlọ̀ síbi tó ti wúlò

Ìkìlọ̀ kì í gbé òpin ìwé. Òkè ìgbésẹ̀ tó kàn án ni, kí ojú lè kàn án kí ọwọ́ tó ṣe é. Bí ìgbésẹ̀ méjì bá ní ewu kan náà, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Níbi ìkìlọ̀ nìkan ni mo ti gba àtúnwí láàyè.

Àwọn ìwé ìlò tó tẹ̀ lé ìlànà Amẹ́ríkà máa ń to ìkìlọ̀ sí ìpele mẹ́rin. Déńjà jẹ́ ewu tó máa pani tàbí ṣeni léṣe gidi bí a kò bá yẹra fún un. Wọ́nìn-ìn jẹ́ èyí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́ṣọ̀n jẹ́ èyí tó lè fa ọgbẹ́ tí kò pọ̀. Nótíìsì ní tirẹ̀ kò kan ara èèyàn, ẹ̀rọ tàbí ohun ìní ló lè bàjẹ́. Ẹ má sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di "Ẹ ṣọ́ra o!" Èmi máa ń kọ wọ́n ní EWU IKÚ, ÌKÌLỌ̀, ÌṢỌ́RA àti ÀKÍYÈSÍ, ní títẹ̀ lé ìpele tí ìwé fi wọ́n sí. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ lẹ́tà ńlá pupa, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ojú á ti mọ́ ọn, kò sì ní rí i mọ́.

Ìkìlọ̀ tó pé ní nǹkan mẹ́ta: ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a bá ṣe é, àti bí a ṣe máa yẹra. "Má tan án nínú ilé" kò tó, nítorí ẹni tó gbé e sí fàrándà tó sì ṣí fèrèsé gbà pé òun ti gbọ́ràn. Ẹ sọ ìdí rẹ̀: èéfín náà ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́kísáìdì, gáàsì tó ń pani tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, fèrèsé tí a ṣí kò sì dá a dúró.

Ibí yìí ni nọ́ńbà méjì ti máa ń kọlu ara wọn. Ìwé ìlò lè sọ pé kí ẹ̀rọ jìnnà sí ògiri tó mítà 1. CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, sì ń sọ pé kí ó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ìyẹn bíi mítà 6. Kò sí èyí tó parọ́. Mítà 1 wà nítorí ooru àti iná, kí ẹ̀rọ lè rí afẹ́fẹ́ kí ògiri má sì gbóná. Mítà 6 wà nítorí èéfín tó ń wọlé bá ẹni tó sùn. Ẹ má pa ọ̀kan rẹ́ fún èkejì, ẹ má sì wá iye kan láàárín wọn. Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ padà sí gbogbo ìlà pupa yín, títí kan ti àwọn ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹ bi ara yín nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: ṣé nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ yìí tó lè fa ewu yìí? Lójú wa, pípààrọ̀ ọ́ìlì kò jọ ohun tó kan èéfín. Àmọ́ a ní láti tan ẹ́ńjìnnì kí ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí náà ìkìlọ̀ ojú ewé 3 gbọ́dọ̀ wá sínú ìwé yìí.

Ohun tó jáde nìyí:

PÍPÀÀRỌ̀ Ọ́ÌLÌ

Ìgbà: àkọ́kọ́, wákàtí 20 tàbí oṣù 1. Lẹ́yìn náà, wákàtí 100 tàbí oṣù 6. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni.

Kó jọ: ọ́ìlì SAE 10W-30 tó lítà 0.6, wọ́ṣà tuntun 1, sípánà, àrọ, abọ́ tó lè gbà ju lítà 1, àkísà, ọṣẹ.

1. Gbé jẹnẹrétọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú níta gbangba: mítà 1 sí ògiri ó kéré tán (nítorí ooru), mítà 6 sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé (nítorí èéfín).

   EWU IKÚ: Má tan án nínú ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí fàrándà, bí fèrèsé tilẹ̀ ṣí. Èéfín rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́kísáìdì tí kò ní òórùn, ó ń pani. Ìta gbangba nìkan ni kí o ti tan án.

2. Tan án títí ẹ́ńjìnnì yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.
3. Pa á.

   ÌKÌLỌ̀: Ẹ̀rọ lè ṣèèṣì tan kó sì ṣe ọ́ léṣe. Ṣe ìgbésẹ̀ 4 kí ọwọ́ tó kan ohun mìíràn.

4. Fa fìlà púlọ́ọ̀gì kúrò lórí púlọ́ọ̀gì.
5. Gbé abọ́ sábẹ́ bóòtù tí a fi ń tú ọ́ìlì.
6. Yọ ìdérí tó ní géèjì.

   ÌṢỌ́RA: Ọ́ìlì gbígbóná àti sàlẹ́ńsà lè jó ọ. Bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ́, dúró kí ó rọlẹ̀ sí wọ́ọ́rọ́. Má fọwọ́ kan sàlẹ́ńsà.

7. Fi sípánà tú bóòtù náà pẹ̀lú wọ́ṣà rẹ̀.
8. Dúró títí ọ́ìlì kò fi kán mọ́.
9. Dá bóòtù padà pẹ̀lú wọ́ṣà tuntun, kí o fún un.

   ÀKÍYÈSÍ: Má dà á kọjá àmì òkè. Ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́.

10. Fi àrọ da ọ́ìlì SAE 10W-30 sí i, bíi lítà 0.5 (sẹ́ńtílítà 50) lákọ̀ọ́kọ́.
11. Nu géèjì. Tì í bọlé láì lọ́ ọ. Fà á yọ, wò ó.
12. Bí ọ́ìlì kò bá tíì dé àmì òkè, fi díẹ̀ kún un, tún ìgbésẹ̀ 11 ṣe. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi lítà 0.6.
13. Lọ́ ìdérí padà, kí o dá fìlà púlọ́ọ̀gì padà.

    ÌṢỌ́RA: Ọ́ìlì àtijọ́ tó ń pẹ́ lára léraléra lè fa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara.

14. Bu ọ́ìlì àtijọ́ sínú ike tó ní ìdérí. Má dà á sí kòtò tàbí sórí ilẹ̀. Fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ níkẹyìn.

Lítà 0.5 inú ìgbésẹ̀ 10 kò sí nínú ìwé ìlò. Èmi ló fi í síbẹ̀ kí ẹni náà má bàa da 0.6 tán lẹ́ẹ̀kan nígbà tí díẹ̀ lára ọ́ìlì àtijọ́ ṣì kù nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fi ohun tara yín kún un, ẹ rí i dájú pé kò kọjá ààlà ti ìwé, kí iye ti ìwé sì wà nítòsí rẹ̀. Mo tún jẹ́ kí ohun tó ju ọ̀kan lọ wà nínú àwọn ìgbésẹ̀ kan, bíi 9, 11 àti 13, nítorí ọwọ́ kan náà ló ń ṣe wọ́n tẹ̀ léra, kò sì sí ẹni tó máa dúró láàárín.

Ìpele 5: Ẹ ka iye àti ìkìlọ̀ padà

Ẹ gbé àkọsílẹ̀ ìpele 2 sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tuntun. Ẹ máa fi àmì sára ohun kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá ti rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà: gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú ìwé tuntun, ibo ló ti wá? Ìyípadà kejì yìí ni wọ́n máa ń fò, òun ló sì ń mú àṣìkọ jáde. Àmì tó wà láàárín 0 àti 6 nínú "0.6" lè parẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ ìdàkọ, kí ó di 06. Ẹ kọ "sẹ́ńtílítà 60" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọ̀kan lè tú àṣírí èkejì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kò gbọ́dọ̀ sí ohun kan nínú àkọsílẹ̀ tí kò ní àmì, kò sì gbọ́dọ̀ sí nọ́ńbà nínú ìwé tuntun tí ẹ kò mọ bàbá rẹ̀.

Ìpele 6: Ẹ gbé e fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n

Ẹ fún ẹni tí kò ṣe é rí ní ìwé tuntun náà, kí ẹ dúró tì í. Ẹ má sọ̀rọ̀, àyàfi bí ewu bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ẹ máa kọ ibi tó ti dúró, ibi tó ti ka ìgbésẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, àti ibi tó ti wo ojú yín. Nínú ìwé tiwa, ìgbésẹ̀ 2 ló máa ń fa ìbéèrè: "Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́?" Ẹ má dáhùn nígbà náà. Ẹ tún ìwé ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi àmì tí èèyàn lè mọ̀ rọ́pò àbá ìṣẹ́jú: ooru á máa kan àtẹ́lẹwọ́ tí a gbé súnmọ́ ara ẹ́ńjìnnì láìfọwọ́ kàn án, ní ẹ̀gbẹ́ tí kì í ṣe ti sàlẹ́ńsà.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Wọ́n ń gbé e fún mẹkáníìkì. Ó máa ní ó dára, nítorí orí rẹ̀ ló fi ń dí gbogbo àlàfo tó wà níbẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Nígbà tí ẹni náà bá parí, kí ọ́ìlì wà ní àmì òkè, kí bóòtù má jò, kí ó sì lè sọ fún yín, láìwo ìwé, ìdí tí a kò fi gbé ẹ̀rọ sí fàrándà.

Kí ẹ tó fi ọ̀rá bò ó kí ẹ sì gbé e kọ́, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó ra ẹ̀rọ mìíràn má bàa lò ó. Ẹ so ìwé kékeré kan mọ́ ọn fún kíka wákàtí, torí ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré kò ní aago tó ń ka wákàtí iṣẹ́. Ilé tó ń tan ẹ̀rọ fún wákàtí 4 lálẹ́ máa pé wákàtí 20 àkọ́kọ́ ní alẹ́ karùn-ún, wákàtí 100 á sì pé lẹ́yìn alẹ́ 25 mìíràn. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́fà kò ní kọ́kọ́ pé láé, wákàtí ni kí wọ́n máa kà.